Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tútù béèrè àṣìṣe inú ìwé owó ọjà ní èdè Lárúbáwá

Ẹ̀kọ́ ọjà tòní wà fún ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ Lárúbáwá, ìbáà jẹ́ ní Kútọnu, ìbáà jẹ́ ní Dùbáì. Ẹni tó ń ka ìwé yìí fún ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí àwọn àmì tó wà nínú rẹ̀, torí pé etí nìkan kò tó fún ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan wà níhìn-ín tó ń ta ìborí obìnrin, ẹní ìkírun àti lọ́fínńdà. Gbogbo Ọjọ́rú ló máa ń gbé ọjà rẹ̀ lọ sí Glazoué. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Dùbáì ló ti ń ra ọjà, ẹrù náà á sì gba Kútọnu wọlé kó tó gun òkè wá sọ́dọ̀ wa. Oníṣòwò yìí ti fọkàn tán an débi pé ó ń tà á ní àwìn: ẹrù á kọ́kọ́ dé, owó á tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ibẹ̀ á kọ ìwé owó ọjà, ìyẹn ohun tí àwọn ọmọ tó lọ iléèwé Faransé ń pè ní fàkítúrù, á yà á ní fọ́tò, á sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹrù ti dé, ààwẹ̀ sì ń bọ̀. Fọ́tò ìwé owó wà lórí tẹlifóònù, ó ní kí wọ́n san 5655 dírámù. Ìyá náà mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé owó yìí ti pọ̀ jù. Tó bá san án láìyẹ̀ ẹ́ wò, èrè ọjà ààwẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Tó bá sì fi ìbínú pe oníṣòwò náà ní olè, tó wá jẹ́ pé òun ló ka ìwé ọ̀hún sódì, àwìn ti parí nìyẹn. Kí ni kó ṣe?

Kó kọ́kọ́ ka fọ́tò náà dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó ṣírò owó. Ìgbà yẹn ló tó kan lẹ́tà.

Kíka nọ́ńbà inú fọ́tò

Lórí ọ̀pọ̀ ìwé tó ń ti Dùbáì, Íjíbítì tàbí Sáúdì wá, nọ́ńbà tiwa ni wọ́n ń lò nígbà mìíràn, ìgbà mìíràn sì rèé, nọ́ńbà Lárúbáwá ni. Ẹ wò wọ́n níhìn-ín, tiwa lókè, tiwọn nísàlẹ̀:

```
0 1 2 3 4 5 6 7 8 9
٠ ١ ٢ ٣ ٤ ٥ ٦ ٧ ٨ ٩
```

Ẹ wo òdo tiwọn dáadáa. Ẹ̀kán kékeré lásán ni. Àmì tó rí roboto bí ẹyin, tí ojú tiwa máa ń pè ní òdo, márùn-ún ni lọ́dọ̀ wọn. Ibí yìí ni owó ti máa ń sọnù jù. Ẹ wo mẹ́fà wọn pẹ̀lú, ó jọ méje tiwa. Ní ti méje àti mẹ́jọ wọn, a lè fi ilẹ̀ wa rántí wọn: mẹ́jọ rí bí òkè, orí rẹ̀ ṣóńṣó wà lókè, méje rí bí àfonífojì tó wà láàárín òkè méjì, ṣóńṣó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Òkè ni mẹ́jọ, àfonífojì ni méje. Méjì wọn ní eyín kan lórí, mẹ́ta wọn ní eyín méjì.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà ìwé. Nítorí náà, orúkọ ọjà máa ń wà lápá ọ̀tún, iye ọjà á tẹ̀ lé e, iye owó ẹyọ kan á tẹ̀ lé ìyẹn, àròpọ̀ ìlà á sì wà ní òpin lápá òsì. Àmọ́ nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kì í yí padà: apá òsì ni èyí tó tóbi jù máa ń wà, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. ١٥٠ jẹ́ 150, kì í ṣe 051. Ẹ má ṣe yí i po.

Orí ìwé náà, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, tó ń sọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́: ọjà, iye, owó ẹyọ kan, àròpọ̀.

```
الصنف
الكمية
سعر الوحدة
المجموع
```

Fọ́tò náà ní wàhálà tirẹ̀. Òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á lè bo ẹ̀kán òdo, kí 150 wá dà bíi 15. Ẹ̀gbin kékeré lórí ìwé sì lè di òdo tí kò sí níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ká ìwé lè gba orí nọ́ńbà kọjá. Tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bó ṣe wà, ó máa ń fún un pọ̀ kó lè yára lọ, ojú rẹ̀ á sì ṣú díẹ̀. Tí nọ́ńbà kan kò bá hàn, ẹ bẹ akọ̀wé náà kó tún un yà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ìwé tẹ́jú lórí tábìlì, kó sì fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bíi fọ́tò. Títún béèrè fọ́tò kì í ṣe ìjà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìṣirò ló ń tú àṣírí

Ní ilé ìyá náà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jókòó tì í. Ọmọbìnrin ń lọ sí iléèwé Faransé, ọmọkùnrin ti kà dé ibi tó jinlẹ̀ nílé kéú. Ìyá gbé ìwé kékeré tó kọ ohun tó béèrè sí síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìlà kìíní jẹ́ ìborí: 150, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12 dírámù. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1800. Ó pé.

Ìlà kejì jẹ́ ẹní ìkírun: 60. Ibi tí wọ́n ti ká ìwé gba orí owó ẹyọ kan kọjá. Ọmọkùnrin kà á sí 27, bẹ́ẹ̀ ló sì rí i pé àròpọ̀ ìlà jẹ́ 1680. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti rẹ́ wa jẹ níbí! 60 lọ́nà 27 kò ju 1620 lọ."

Ìyá ní, "Dákẹ́ ná. Èló la jọ sọ?"

Wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp, 28 ni. 60 lọ́nà 28 jẹ́ 1680 géérégé. Àfonífojì kọ́ ni ọmọ yìí rí, òkè ni, ibi tí wọ́n ti ká ìwé ló gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò. Ṣé ẹ rí i? Ká ní wọ́n ti kọ lẹ́tà pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀, ojú ì bá ti tì wọ́n.

Ìlà kẹta jẹ́ àpótí lọ́fínńdà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 35 dírámù. Ọmọbìnrin wò ó, ó ní, "40 ni, Màmá. Iye tí a béèrè náà nìyẹn." Àbúrò rẹ̀ ní rárá, 45 ni. Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó tọ̀nà láìjẹ́ pé a ń jiyàn? Ẹ wo ìlà kejì lórí ìwé kan náà, níbi tí wọ́n ti kọ 60. Ẹ̀kán ni wọ́n fi ṣe òdo níbẹ̀. Akọ̀wé kan náà kò ní fi ẹ̀kán ṣe òdo nínú ìlà kan, kó tún fi àmì roboto ṣe é nínú ìlà tó tẹ̀ lé e. Ìṣirò náà tún jẹ́rìí sí i: 40 lọ́nà 35 jẹ́ 1400, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ 1575, èyí tó jẹ́ 45 lọ́nà 35. Àpótí 40 ló béèrè, 40 náà ló kà lójú awakọ̀ nígbà tí wọ́n tú ẹrù. Àṣìṣe tòótọ́ nìyí, 175 dírámù.

Ó wá ku àròpọ̀ gbogbo. 1800, 1680 àti 1575 jẹ́ 5055. Owó ọkọ̀ jẹ́ 300, ó di 5355. Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé 5655. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 300 gan-an, iye owó ọkọ̀ kan náà. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá bá nọ́ńbà kan tó wà lórí ìwé mu rẹ́gí, ẹ fura pé wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì ni. Àṣìṣe kejì nìyẹn.

Owó tó tọ́ nìyí: 1800 àti 1680 àti 1400 àti 300, ó jẹ́ 5180. Ohun tó lé jẹ́ 475 dírámù. Tí a bá ka dírámù kan sí 150 fáránkì sefà, ó jẹ́ 71,250 fáránkì.

Kíkọ lẹ́tà náà

Ìyá náà lè tẹ tẹlifóònù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó tó ní nọ́ńbà púpọ̀ máa ń dàrú lẹ́nu, ìgbà tó bá sì di ọ̀la, ẹnikẹ́ni kò ní rántí ohun tí wọ́n sọ. Ímeèlì dára jù, torí pé akọ̀wé lè gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì lè gbé ìwé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Lárúbáwá tí wọ́n ń kọ nínú òwò ní ọ̀rọ̀ tútù tirẹ̀, ó sì jọ tiwa lọ́nà kan: bí a ṣe ń sọ "ẹ" àti "yín" fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi "كم" sí ìparí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé sí ẹni iyì, kódà kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ kéú tó bá kọ "ك" lásán fún ọ̀gá òǹtajà ti sọ "o" fún àgbàlagbà nìyẹn.

Lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkòrí, ìkíni àti ọpẹ́:

```
الموضوع: استفسار عن الفاتورة رقم ٣١٧

السلام عليكم ورحمة الله وبركاته
الأستاذ الفاضل مدير المبيعات المحترم
تحية طيبة وبعد،
نشكركم على حسن تعاملكم، وقد وصلت البضاعة سالمة والحمد لله.
```

Àkòrí sọ pé ìbéèrè ni, nípa ìwé owó nọ́ńbà 317. Kò sọ pé ẹjọ́ ni. Nọ́ńbà ìwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé náà, kí akọ̀wé má baà máa wá a kiri. Lẹ́yìn náà ni àsàlámù àlékúmù, oyè ọ̀gá, ìkíni àárín oníṣòwò, àti ọpẹ́ pé ọjà dé láyọ̀. Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá Mùsùlùmí ni ẹni náà, torí pé Kìrìsìtẹ́nì wà láàárín àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ṣòwò lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ yọ ìlà àsàlámù kúrò. Ìkíni "تحية طيبة وبعد" bá gbogbo èèyàn mu.

Ọ̀rọ̀ gan-an ló kàn:

```
وعند مراجعة صورة الفاتورة ظهر لنا أمران نرجو التكرم بالتحقق منهما:
١) البند الثالث: الكمية في الفاتورة ٤٥ علبة، والذي طلبناه واستلمناه ٤٠ علبة.
٢) أجرة الشحن ٣٠٠ درهم، ويبدو أنها أضيفت مرتين في المجموع.
المجموع في الفاتورة: ٥٦٥٥ درهمًا
المجموع بحسابنا: ٥١٨٠ درهمًا
```

Ohun tó sọ ni pé: "Nígbà tí a yẹ fọ́tò ìwé owó náà wò, nǹkan méjì hàn sí wa, a sì ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa wádìí wọn." Ó wá dárúkọ ìlà kẹta, iye tó wà lórí ìwé àti iye tí wọ́n béèrè tí wọ́n sì gbà. Ní ti owó ọkọ̀, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ méjì. "يبدو" túmọ̀ sí "ó jọ bíi pé." "أضيفت" túmọ̀ sí "a fi kún un," láìdárúkọ ẹni tó fi kún un. Wọn kò kọ "أخطأتم", ìyẹn "ẹ ṣe àṣìṣe," wọn kò sì sún mọ́ "غش", ìyẹn ẹ̀tàn. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ń pe ẹni náà lẹ́jọ́, ẹni tí a bá sì pè lẹ́jọ́ á kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀ kó tó wo ìwé.

Ẹ rí i pé àròpọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀. Ó ní ìdí. Lárúbáwá ń ti ọ̀tún wá, nọ́ńbà tiwa àti lẹ́tà Faransé ń ti òsì wá. Tí a bá po wọ́n mọ́ ara wọn lórí ìlà kan, tẹlifóònù lè pààrọ̀ ipò wọn, kí ẹni tó ń kà á rò pé 5180 ni ìwé sọ, pé 5655 ni ìyá náà ń sọ. Nọ́ńbà irú kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò láti òkè dé ilẹ̀, irú èyí tó wà lórí ìwé wọn.

Ìparí lẹ́tà rèé:

```
وقد يكون الخطأ منا في قراءة الصورة، فإن كان كذلك فنرجو التوضيح،
وإلا فنرجو إرسال فاتورة مصححة لنسدد المبلغ.
مرفق: صورة الفاتورة وصورة طلبنا.
وتفضلوا بقبول فائق الاحترام والتقدير
```

Ó ní: "Ó lè jẹ́ pé àwa la ka fọ́tò náà sódì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ là á yé wa. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a bẹ̀ yín kí ẹ fi ìwé owó tí a ti tún ṣe ránṣẹ́ kí a lè san owó." Ìgbéraga kò sí níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà kò sí níbẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún akọ̀wé láti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láìsí ìtìjú, ó sì jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé owó ti ṣe tán, ìwé tó pé nìkan ló kù. Wọ́n so fọ́tò méjì mọ́ ọn: ti ìwé owó àti ti ohun tí wọ́n béèrè. Orúkọ ìyá náà ló wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí èsì bá dé

Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tún béèrè, kẹ́ ẹ sì rántí pé ọjà Dùbáì ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Ẹ má kàn dín owó kù kẹ́ ẹ san 5180 láìgbọ́ èsì, torí pé nínú ìwé tiwọn, 475 yòókù á di gbèsè lọ́rùn yín.

Tí wọ́n bá gbà, wọ́n á fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá ó sọ pé òun ló rọ́pò nọ́ńbà 317. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kí ìwé méjì má baà di gbèsè méjì. Kẹ́ ẹ sì tún ìṣirò gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó ń tún ìlà kan ṣe lè gbàgbé láti tún àròpọ̀ ṣe.

Wọ́n sì lè dáhùn pé àpótí 45 ló kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ di méjì nìyẹn. Ẹ béèrè ìwé ìdìpọ̀ ẹrù, tí wọ́n ń pè ní "قائمة التعبئة", èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 40 ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá jẹ́ 45, àpótí márùn-ún ti ṣáko lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tó kó ẹrù wá ni ìbéèrè ti bọ́ sí. Kíkà tí ìyá náà ka ẹrù lójú awakọ̀ ló máa gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹrù wọlé láìkà á kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà. Tí èsì bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà báńkì tuntun, pé kẹ́ ẹ sanwó síbẹ̀ báyìí, ẹ má san kọ́bọ̀. Àwọn olè máa ń yọ́ wọ inú ímeèlì oníṣòwò, wọ́n á dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó bá ń lọ, wọ́n á wá fi báńkì tiwọn rọ́pò. Ẹ tẹ nọ́ńbà tẹlifóònù tẹ́ ẹ ti ń lò tipẹ́, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà tuntun, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀.

Iṣẹ́ fún ẹgbẹ́

Ẹ fi èyí ṣe ìdánrawò nínú ẹgbẹ́ yín. Lórí fọ́tò ìwé kan, iye ọjà jẹ́ ٣٠, owó ẹyọ kan jọ ٧, àròpọ̀ ìlà jẹ́ ٢٤٠. Ẹ kà á, ẹ ṣírò ó. Ṣé àṣìṣe òǹtajà ni, àbí àṣìṣe ojú wa? Ìwé wo lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó pinnu? Ẹni tó bá dáhùn pé 30 lọ́nà 7 jẹ́ 210 ti dé ìdajì ọ̀nà. Ẹni tó bá rí i pé 30 lọ́nà 8 ló jẹ́ 240, tó sì ní kí a lọ wo iye tí a jọ fẹnu kò sí ká tó kọ lẹ́tà kankan, ìyẹn ti gbọ́ ẹ̀kọ́ òní. Ó dìgbà kan ná o.